Ọmú tó ń dun obìnrin kí nǹkan oṣù tó dé, àti kókó tuntun: ibo ni ìyàtọ̀ wà?

Lóṣù kẹwàá ọdọọdún, tí ìkéde nípa jẹjẹrẹ ọmú bá ti gba orí rédíò àti fóònù kan, oríṣi obìnrin méjì ló máa ń wá bá mi ní Sùúrùlérè níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èkíní á wọlé tòun ti omijé. Ọmú méjèèjì ń ta á, kò sùn mọ́jú, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ pé òun ti ní jẹjẹrẹ. Èkejì kì í tìtorí ọmú wá. Ibà ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá, tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀. Ìgbà tó bá ti dìde tó fẹ́ máa lọ ni yóò wá sọ ọ́ bí ohun tí kò tó nǹkan: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kókó kan wà nínú ọmú mi o, ṣùgbọ́n kò dùn mí."

Ti èkejì yẹn ló máa ń já mi láyà. Ohun tó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀, pé kò dun òun, kò yẹ kó fi ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Ohun tó sì ń pa èkíní lẹ́kún, nǹkan oṣù lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí la ń pè ní ìrora, kí la sì ń pè ní kókó?

Ìrora tí mò ń wí ni èyí tó máa ń bá obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí nǹkan oṣù tó dé, á máa le sí i bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti yọjú, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọmú méjèèjì ló sábà máa ń kàn, bí ọ̀kan tilẹ̀ lè dunni ju ìkejì lọ. Ọmú á wúwo, á kún bíi ti abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì jí mu ún. Apá òkè ọmú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí apá wà, ló máa ń dunni jù, ó sì lè ta dé abíyá.

Kókó tuntun ní tirẹ̀ jẹ́ ohun kan tí ọwọ́ lè yà sọ́tọ̀, tí ẹ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì ní bá irú rẹ̀ ní ojú ibì kan náà nínú ọmú kejì. Ó lè dunni, ó lè má dunni.

Ara ló ń gbọ́ ìrora, ọwọ́ ló ń bá kókó. Obìnrin kan lè ní méjèèjì pọ̀ lọ́sẹ̀ kan náà láìjẹ́ pé ọ̀kan ló fa ìkejì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Kí ló dé tí ọmú fi máa ń wú lóṣooṣù?

Ẹ rò ó bí ilé tó ń retí àlejò. Ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù tó dé, ẹyin kan á jáde nínú ara obìnrin. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ilé-ẹyin á máa tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù ni ìránṣẹ́ tí apá kan ara máa ń rán sí apá mìíràn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kí ilé-ọmọ àti ọmú múra sílẹ̀, bóyá oyún á dúró. Ilé-ọmọ á tẹ́ ẹní. Ọmú náà á ṣí àwọn àpò kéékèèké tí wàrà ń ti ibẹ̀ wá, wọn á wú, omi á sì dúró sí àárín wọn. Nígbà tí ohun tó wà nínú bá pọ̀ sí i, tí àyè tó wà kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀, ọmú á le, á sì máa dunni.

Tí àlejò kò bá wá, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán á dáwọ́ dúró. Ilé-ọmọ á ká ẹní rẹ̀, òun là ń rí bíi nǹkan oṣù. Ọmú náà á tú ohun tó kó jọ ká, á fúyẹ́.

Nítorí èyí, obìnrin tó bá tẹ ọmú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù yóò bá wóróworó níbi gbogbo, bí ẹni fọwọ́ tẹ àpò ẹ̀wà láti ìta. Gbogbo ẹ̀wà ló ń kàn yín lọ́wọ́, kò sí èyí tó dá yàtọ̀. Wóróworó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kókó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ àpò ẹ̀wà yẹn tí ẹ bá èkùrọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, èkùrọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ìrora tó ń tẹ̀lé oṣù kò nílò oògùn apakòkòrò, nítorí kò sí kòkòrò tí yóò pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó lé obìnrin lọ́wọ́ ní kẹ́míìsì. Kọ́mú tó bá ọmú mu dáadáa, tí a wọ̀ tọ̀sán tòru láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, máa ń ṣiṣẹ́ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Parasitamọ́ọ̀lù náà dára, tàbí òróró ìpara dikilofẹ́náàkì tí wọ́n ń fi pa oríkèé. Tí ẹ kò bá rí nǹkan oṣù lásìkò, tí ọmú sì ń dùn yín, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò fún oyún. Abẹ́rẹ́ àti hóró ìfètòsọ́mọbíbí náà lè mú ọmú dunni. Ẹ má dá wọn dúró fúnra yín, ẹni tó fún yín ni kí ẹ padà lọ bá.

Nítorí àwọn ìyá wa lọ́jà, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: owó tí ẹ ń fi sínú kọ́mú kì í fa jẹjẹrẹ. Ó lè yún ara, ó lè dọ̀tí, ó tán.

Tí ó bá jẹ́ kókó lóòótọ́, kí ló lè jẹ́?

Lára obìnrin tí kò tíì pé 35, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kókó tí àwọn dókítà ń pè ní faiburoadinómà. Orúkọ rẹ̀ jọ ti faiburọ́ìdì, àwọn ènìyàn a sì máa pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé-ọmọ ni faiburọ́ìdì ń gbé, wọn kò bára tan. Faiburoadinómà máa ń rí bíi rọ́bà lọ́wọ́, ó máa ń dán, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí kóró àgbálùmọ̀ ṣe ń yọ̀ lábẹ́ ahọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, kì í sì í pani.

Bí obìnrin bá ti ń súnmọ́ 40, kókó olómi náà máa ń wọ́pọ̀. Àpò omi lásán ni. Ó lè yọ lójijì, ó sì lè dunni.

Ẹ̀kẹta ni jẹjẹrẹ. Òun ló máa ń le bí òkúta, etí rẹ̀ kì í gún régé, ó sì máa ń dúró lójú kan bí ẹni fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n mọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dunni rárá. Ọjọ́ tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dunni dáadáa, ó ti lè pẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ní Nàìjíríà tí wọ́n ń rí àrùn yìí lára wọn kò tíì pé 50, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣì ń rí nǹkan oṣù, wọ́n sì máa ń dé ilé ìwòsàn nígbà tó ti dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin. Ẹni tó bá ń sọ pé òun kéré jù fún jẹjẹrẹ, kó má gbọ́kàn lé ọjọ́ orí.

Mo ti fi òkúta àti kóró àgbálùmọ̀ ṣe àpèjúwe, síbẹ̀ mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọwọ́ nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Mo ti ń tẹ ọmú ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì jẹ́ sọ fún obìnrin kan pé kókó rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan nítorí pé ó ń yọ̀. Jẹjẹrẹ mìíràn máa ń yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe ń fi kàlẹ́ńdà yà wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oníbàárà mi kan tó ń ta léèsì ní Balógun. Ìyá Ìbejì là ń pè é, ọmọ ọdún 33 ni. Ó ti pẹ́ tí ọmú ti máa ń dùn ún lóṣooṣù, ó ti mọ̀ ọ́n mọ́ra. Lóṣù kan, ìrora náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ 30, níbi tó ti ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ọṣẹ kan kókó kan ní ọmú òsì, lápá òkè níhà abíyá.

Kò wá. Ó ní ọmú òun kúkú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ dé lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 8, ìrora ti lọ pátápátá. Ọjọ́ 12 ló wá gba oògùn kòkòrò inú fún àwọn ìbejì.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmú mi kan dùn mí lọ́jọ́ sí, mo tiẹ̀ bá kókó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lọ."

"Kí ló lọ, Ìyá Ìbejì? Ṣé ìrora ni, àbí kókó?"

Ó dákẹ́. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí ìrora ti lọ.

Mo ní kó dùbúlẹ̀, kó gbé apá òsì sẹ́yìn orí, kí ọmú lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tó rọ̀ lórí ìka mẹ́ta àárín la fi ń tẹ ọmú. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò àti ìka fún ọmú pọ̀, gbogbo ọmú ni yóò dà bí kókó lọ́wọ́ rẹ̀. A á tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, a á tẹ̀ ẹ́ sí i, a á tún tẹ̀ ẹ́ títí tí a ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun ìhà, lókè lódò, láti egungun ọrùn títí dé abẹ́ ọmú, ká tó wọ inú abíyá. Lẹ́yìn náà la ó ṣe ọmú kejì bákan náà, nítorí ọmú kejì ni òṣùwọ̀n: ohun tó bá wà nínú méjèèjì ní ojú ibì kan náà, bí a ṣe dá a ni.

Wóróworó ti lọ nínú ọmú méjèèjì, ara ọmú rọ̀. Kókó náà ṣì wà lápá òsì, ó tó sẹ̀ntímítà 2, ó ń yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò sì dùn ún bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ keje nǹkan oṣù nìyẹn. Ọjọ́ keje sí ìkẹwàá, tí a bá kà á láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dé, ni ọmú máa ń fúyẹ́ jù, ìgbà yẹn ló sì rọrùn jù láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí họ́mónù gbé wá, họ́mónù á gbé e lọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ọmú ti fúyẹ́ kì í ṣe ti nǹkan oṣù mọ́, ó di dandan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. A kì í dúró wo oṣù kejì.

Ta ni kò gbọdọ̀ dúró de nǹkan oṣù rárá?

Kàlẹ́ńdà yìí wà fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń lọ déédéé, tí kò sì sí àmì mìíràn lára rẹ̀. Tí awọ ọmú bá wọnú lójú kan, tàbí tó ní ihò wínníwínní bí èèpo ọsàn, tí orí ọmú tó yọ síta tẹ́lẹ̀ bá wọlé, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, tí kókó bá le tí kò mì, tàbí tí òmíràn bá wà ní abíyá, ọjọ́ yẹn náà ni kí ó wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ìyá tàbí àbúrò rẹ̀ obìnrin ti ní jẹjẹrẹ ọmú. Ẹni tó ti lé ní 30 kò gbọdọ̀ fi kàlẹ́ńdà ṣe àwáwí: kó lọ gba ìwé tí yóò mú lọ sílé ìwòsàn ńlá bó ṣe ń ka ọjọ́.

Ẹni tó wà lórí abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ kò ní kàlẹ́ńdà tí yóò wò, nítorí náà kò ní ohun tó ń dúró dè. Abiyamọ tí ọmú rẹ̀ gbóná tó pọ́n, tí ibà sì ń ṣe, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmú ló ń gbinyún, wọn á sì tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọmú bá ṣì pọ́n tó ṣì wú lẹ́yìn tí oògùn tán, ó gbọ́dọ̀ padà, nítorí jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń yọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, láìsí kókó.

Kí ni wọ́n máa ṣe nílé ìwòsàn?

Ohun mẹ́ta ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bára mu: ọwọ́ dókítà, àwòrán, àti abẹ́rẹ́.

Mo kọ ìwé fún Ìyá Ìbejì sí ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà. Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wà ní ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà náà, ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ìjọba ìbílẹ̀ sì lè kọ ìwé lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí dókítà tẹ ọmú rẹ̀, wọ́n ní kó lọ ṣe sikáànù. Ó fi ẹ̀hónú bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí wọn kò ṣe mamogíráàmù tí gbogbo ènìyàn ń pariwo. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Ọmú obìnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí máa ń nípọn, nínú àwòrán mamogíráàmù, ara ọmú bẹ́ẹ̀ á funfun báláú, kókó náà á sì funfun. Bí ìgbà tí ènìyàn ń wá àgùntàn funfun nínú oko òwú ni. Sikáànù a máa fi ìyàtọ̀ hàn, a sì máa sọ bóyá omi ló wà nínú kókó tàbí ẹran. Bí obìnrin bá ti ń tó 40 ni mamogíráàmù máa ń ríran dáadáa. Ìdí nìyí tí ìwé mamogíráàmù tó ní kò sí nǹkan kan kò fi tó láti pa ẹnu mọ́ lórí kókó tí ọwọ́ ń bá.

Tó bá jẹ́ omi, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà á, kókó á sì pòórá lójú yín. Tó bá jẹ́ ẹran, bíi ti Ìyá Ìbejì, wọ́n máa ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rù èyí ló bà á jù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé tí wọ́n bá fi irin kan kókó, ńṣe ló máa tàn káàkiri ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjókòó tì í láì yẹ̀ ẹ́ wò ló ń fún jẹjẹrẹ láyè láti tàn.

Ọjọ́ 19 ni wọ́n ṣe é. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó mú ojú ibẹ̀ kú, wọ́n wá ki abẹ́rẹ́ oníhò bọ̀ ọ́, ó dún "ká!" bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀, ó sì mú ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú jáde. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, wọ́n lẹ pílásítà mọ́ ọn, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Ó ta á díẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan máa ń kàn gé kókó jáde lọ́jọ́ tí obìnrin bá gbé e wá, láìsí àwòrán, láìsí abẹ́rẹ́, wọ́n á sì da ohun tí wọ́n gé nù. Wọ́n ṣe é fún obìnrin kan tí mo mọ̀. Nígbà tí kókó tún yọ lójú ọgbẹ́ náà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí àkọ́kọ́ jẹ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá gé lára ọmú gbọ́dọ̀ wọ inú fọ́málìn, kó lọ sí láàbù, kí dókítà tó ń fi awò wo ẹran ara kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ bèèrè kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ: "Láàbù wo lẹ máa gbé e lọ, ọjọ́ wo ni èsì máa jáde?"

Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọjọ́ 60 ṣe òdiwọ̀n, láti ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn títí dé ọjọ́ tí wọ́n máa mọ ohun tó ń ṣe é. Tí ẹ bá ti ń lé ní oṣù méjì lórí "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ẹ gba ìwé yín, kí ẹ lọ síbòmíràn.

Èsì Ìyá Ìbejì jáde lọ́jọ́ 3 oṣù keje: faiburoadinómà. Ohun tí ọwọ́ sọ, ohun tí sikáànù sọ àti ohun tí láàbù sọ bára mu, nítorí náà dókítà ní kò sí dandan láti gé e, kó padà wá ṣe sikáànù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó sì tètè wá tó bá ń tóbi. Ó ká ìwé èsì náà sínú ọ̀rá tó ń kó káàdì àjẹsára àwọn ìbejì sí.

Lọ́jọ́ 23 oṣù yẹn, ọmú méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó fi bírò yí ọjọ́ náà po lórí kàlẹ́ńdà, ó wọ kọ́mú rẹ̀ tó fún un mọ́ra, ó sì gba Balógun lọ.